Ipò Kìíní Kọ́ Ni Ẹ̀rí Ọpọlọ Pípé

Èrò kan ti fìdí múlẹ̀ láàárín àwọn òbí, àwọn olùkọ́ àti àwọn alákòóso ilé ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà, pé ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ pé yóò hàn gbangba nínú ìwé èsì, nítorí pé ipò kìíní ni yóò máa gbà ní ìparí sáà kọ̀ọ̀kan, àti pé ọmọ tí wọ́n pè ní olóye ṣùgbọ́n tí kò gba irú ipò bẹ́ẹ̀, bí kì í bá ṣe ọ̀lẹ, a jẹ́ pé agbéraga ni, tàbí kí ó jẹ́ pé àwọn òbí rẹ̀ ló ń tan ara wọn jẹ. Èrò yìí rọrùn láti gbà, nítorí pé nọ́ńbà kan ṣoṣo ló ń béèrè, ṣùgbọ́n àṣìṣe ni, àwọn ọmọ sì ni àṣìṣe náà ń pa lára. Ohun tí àròkọ yìí fẹ́ fi múlẹ̀ ni pé agbára ọpọlọ kì í dọ́gba ní gbogbo ọ̀nà, gẹ́gẹ́ bí ìka ọwọ́ kò ti dọ́gba. Pé àmì àpapọ̀, ìbáà jẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́ tàbí ti ìdánwò àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, a máa bo àìdọ́gba yìí mọ́lẹ̀. Àti pé ọmọ olóye tí ẹ̀kọ́ ti sú, tí ẹ̀rù ń bà, tàbí tí ó ta kété sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kò ṣeé ràn lọ́wọ́ àfi bí a bá kọ́kọ́ tú àpapọ̀ náà palẹ̀, kí a wo ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìlú Vom, ní ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Jos ní ìpínlẹ̀ Plateau, jẹ́ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere. Láti 1924 ni ibùdó ìwádìí nípa àrùn ẹran ọ̀sìn ti wà níbẹ̀, èyí tí ó di ilé iṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn ẹranko ti orílẹ̀-èdè, iṣẹ́ yìí sì ti kó àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, àwọn òṣìṣẹ́ yàrá ìwádìí àti ẹbí wọn wá síbẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, tí àwọn Yorùbá sì wà lára wọn. Ọmọ Yorùbá tí a bí síbẹ̀ lè máa sọ Yorùbá nílé, kí ó máa fi Hausa bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré, kí ó máa gbọ́ Berom lẹ́nu àwọn aládùúgbò, kí ó sì wá jókòó ṣe ìdánwò ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní àwùjọ tí ìwé ti jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ àwọn òbí, ìrètí tí wọ́n ń gbé lé ọmọ lórí kì í kéré, ìtìjú ọmọ tí kò dé ibi tí a fojú sí náà kì í sì í kéré.

Òṣùwọ̀n tí ó gbajúmọ̀ jù fún agbára ọpọlọ ọmọdé ni èyí tí David Wechsler ṣe, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1949, tí ẹ̀dà rẹ̀ karùn-ún sì jáde ní 2014. Wọ́n ṣe é lọ́nà tí 100 fi jẹ́ àmì ọmọ tó wà ní agbedeméjì láàárín àwọn ọmọ ọjọ́ orí rẹ̀, nǹkan bí ọmọ méjì péré nínú ọgọ́rùn-ún ló sì ń dé 130, tí ọ̀pọ̀ ibi fi ṣe ààlà fún ọmọ olóye. Ohun tí àwọn tó ń pariwo nọ́ńbà kan ṣoṣo kì í sọ ni pé ẹ̀yà márùn-ún ló wà nínú òṣùwọ̀n náà, tí àmì kọ̀ọ̀kan sì dá dúró. Èkínní ni òye ọ̀rọ̀, ìyẹn bí ọmọ ṣe lè ṣàlàyé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ àti ohun tó so nǹkan méjì pọ̀. Èkejì ni òye àwòrán àti àyè, bí ó ṣe lè fi àwọn ègé to odidi. Ẹ̀kẹta ni ìrònú lórí ohun tí kò tíì rí rí, bí ó ṣe lè rí ìlànà tó wà nínú ohun tuntun. Ẹ̀kẹrin ni ìrántí àfiṣiṣẹ́, bí ó ṣe lè di nǹkan mú lọ́kàn nígbà tí ó ń lò ó lọ́wọ́. Ẹ̀karùn-ún sì ni ìyára, bí ó ṣe lè ṣe iṣẹ́ kéékèèké tí kò le, láìṣì í, nígbà tí aago ń lọ.

Kí a wo àpẹẹrẹ kan, tí a gbé kalẹ̀ fún àlàyé nìkan, ti ọmọbìnrin ọmọ ọdún 9 tó wà ní kíláàsì kẹrin ní Vom. Ó gba 132 nínú òye ọ̀rọ̀, 126 nínú òye àwòrán, 129 nínú ìrònú lórí ohun tuntun, 103 nínú ìrántí àfiṣiṣẹ́, àti 84 nínú ìyára. Bí a bá pa wọ́n pọ̀ gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n náà ti ń ṣe, nǹkan bí 123 ni àmì àpapọ̀ yóò jẹ́, kò sì ní dé ààlà 130. Àmọ́ àmì mìíràn wà tí ìwé òṣùwọ̀n náà fúnra rẹ̀ pèsè, èyí tí a fi ẹ̀yà mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan ṣírò, tí a yọ ìrántí àti ìyára kúrò nínú rẹ̀. Lórí èyí, àmì ọmọ kan náà yóò kọjá 130. Ọmọ kan náà ni, wákàtí ìdánwò kan náà ni, síbẹ̀ ìṣírò kan pè é ní olóye, ìṣírò kejì sì lé e padà. Ohun tó fa ìyàtọ̀ náà kò sì farasin: nínú iṣẹ́ kan lára àwọn iṣẹ́ ìyára, a ó fi àmì kékeré kan bá nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan lọ lókè ìwé, ọmọ yóò sì máa fi pẹ́ńsù kọ àwọn àmì wọ̀nyí sábẹ́ àwọn nọ́ńbà tí a tò sísàlẹ̀, fún ìṣẹ́jú méjì péré. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ falẹ̀ yóò kùnà níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrònú rẹ̀ ń sáré.

Nínú kíláàsì, ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ yìí láìsí pé ẹnikẹ́ni fi òṣùwọ̀n kankan wọ̀n ọ́n. Olùkọ́ kọ iṣẹ́ sójú pátákó, àwọn ọmọ ń dà á kọ, wọ́n nu pátákó nígbà tí òun ṣì wà ní ìlà kẹta. Ó mọ ìdáhùn ìbéèrè mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ṣùgbọ́n mẹ́fà ló rí kọ kí aago tó lù. Bí a bá sì béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó ń sọ ohun tí àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà kò tíì sọ. Ní ìparí sáà, ipò kọkànlá ni ìwé èsì gbé fún un. Bí a ṣe ń wo ipò yìí nìkan, ohun méjì ló ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ẹ̀bùn rẹ̀ ń bo àìlera ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ débi pé ẹnikẹ́ni kò ràn án lọ́wọ́, àìlera náà sì ń bo ẹ̀bùn rẹ̀ mọ́lẹ̀ débi pé ẹnikẹ́ni kò fún un ní iṣẹ́ tó tó o. Nítorí pé ọ̀kan fa òkè tí èkejì sì fa ìsàlẹ̀, ó wá dà bí ọmọ tó wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, ọmọ tí kò nílò ohunkóhun.

Àmì tó lọ sílẹ̀ kì í fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó fà á, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ tó ti kúrò nínú àṣìṣe àkọ́kọ́ ti ń bọ́ sínú èkejì, nípa pípe àìdọ́gba ní àrùn. Ó wọ́pọ̀ kí ìyára àwọn ọmọ olóye wà nísàlẹ̀ ìrònú wọn, àìdọ́gba nìkan kò sì tó láti fi orúkọ àìsàn kankan pe ọmọ. A ní láti wádìí ohun tó fà á, ìwádìí náà kò sì kọjá agbára olùkọ́ tó bá ní sùúrù. Kí a kọ́kọ́ mú ọmọ lọ fún àyẹ̀wò ojú àti etí, nítorí pé ọmọ tí kò rí pátákó dáadáa kò lè yára da ohunkóhun kọ láti ojú pátákó. Lẹ́yìn èyí, kí a bi í ní ìbéèrè kan náà lọ́nà méjì, ní kíkọ àti ní ẹnu, lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ti ẹnu bá dára púpọ̀ ju ti kíkọ lọ, ọwọ́ ni kí a fura sí. Kí a fún un ní gbólóhùn kan tó ti mọ̀ sórí, kí ó kọ ọ́ ní ìṣẹ́jú kan, kí a sì ka iye lẹ́tà tó kọ, kí a fi wé ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀: níwọ̀n bí gbólóhùn náà kò ti béèrè ìrònú kankan, ọwọ́ nìkan ni a wọ̀n níbẹ̀. Bí iye lẹ́tà náà bá tó ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ìdáhùn rẹ̀ dára sí i nígbà tí a gbé aago kúrò, tí kò sí ọmọ mìíràn tó ń wò ó, ìbẹ̀rù ló ń dí i lọ́wọ́, kì í ṣe ọwọ́.

Èdè ni ohun mìíràn tí a gbọ́dọ̀ wádìí, ó sì ṣe pàtàkì ní irú ìlú bíi Vom ju ní ibòmíràn lọ. Ọmọ tí àmì òye ọ̀rọ̀ rẹ̀ kéré ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lè jẹ́ ọmọ tó ń dáhùn dáadáa ní Yorùbá tàbí Hausa, tí kò tíì rí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó máa fi gbé èrò rẹ̀ jáde. Ẹ̀rí èyí ti wà nílẹ̀ Yorùbá tipẹ́. Ní 1970 ni Babátúndé Fafunwa àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Modákẹ́kẹ́, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún kẹta, àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ṣe dáadáa jù wọ́n lọ nínú àwọn ẹ̀kọ́ yòókù, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe pé ọpọlọ ẹgbẹ́ kan pé ju ti èkejì lọ. Èdè tí wọ́n fi kọ́ wọn ló jẹ́ kí ohun tí wọ́n mọ̀ rí ọ̀nà jáde. Ìwádìí Robert Serpell tó jáde ní 1979 fi kún èyí: àwọn ọmọ ilẹ̀ Zambia àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ní kí wọ́n ṣe àwòkọ irú àwòrán kan náà, nígbà tí a fún wọn ní pẹ́ńsù àti ìwé, àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe é jù, ṣùgbọ́n nígbà tí a fún wọn ní wáyà, irú èyí tí àwọn ọmọ Zambia fi ń ṣe ọkọ̀ ìṣeré, àwọn ọmọ Zambia ló ta wọ́n yọ. Ẹni tó bá fi pẹ́ńsù nìkan wọn àwọn ọmọ méjèèjì ì bá ti parọ́ mọ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọmọ tí a ń wọ̀n ní Vom yẹ kí ó gbọ́ ìbéèrè ní èdè tó yé e jù, kí a sì kọ èdè tí a lò sínú àbájáde.

Àwọn tó di èrò àtijọ́ mú ní àwíjàre tó yẹ kí a dáhùn. Wọ́n ní ìjọba kò lè yan ọmọ láìsí ààlà, wọ́n sì ń tọ́ka sí ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ olóye ní Suleja, ní ìpínlẹ̀ Niger, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1990, tí ó sì jẹ́ pé ìdánwò ni a fi ń yan àwọn tó ń wọlé. Òótọ́ ni pé àyè kò tó, ìdánwò sì dára ju kí ẹni tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ máa fi ọmọ rẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ààlà tí a fà kí àyè má baà kún kò jẹ́ ẹ̀rí pé ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò lóye. Lewis Terman ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ńlá rẹ̀ lórí àwọn ọmọ olóye ní 1921, àmì àpapọ̀ ìdánwò ló sì fi yàn wọ́n. Lára àwọn tí wọ́n dán wò tí wọn kò mú ni Luis Alvarez àti William Shockley, àwọn méjèèjì ló sì gba ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì nígbà tó yá. Kì í ṣe pé òṣùwọ̀n náà kò wúlò. Ó ń mú àwọn kan tó yẹ, ó sì ń fi àwọn kan tó yẹ sílẹ̀, ẹni tó bá fi èsì rẹ̀ ṣe òpin ọ̀rọ̀ ni ó ṣìnà.

Wọ́n tún ní ayé kì í dúró de ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ falẹ̀, nítorí náà ó tọ́ kí ìyára wà nínú ìṣírò. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń díwọ̀n òye onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó ń wá àbẹ́rẹ́ àjẹsára fún adìyẹ ní Vom nípa iye àmì tó lè dà kọ ní ìṣẹ́jú méjì. Ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ ń béèrè ni kí ó rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí, kí ó sì dúró tì í títí yóò fi yé e. Àwíjàre kẹta ni pé bí a bá gba ọ̀rọ̀ àìdọ́gba, gbogbo òbí ni yóò máa sọ pé olóye ni ọmọ tirẹ̀ tó kùnà. Èyí ni ó lágbára jù, ìdáhùn rẹ̀ sì ni pé kíka àmì lọ́kọ̀ọ̀kan ń béèrè ẹ̀rí tó pọ̀ sí i. Ẹni tó bá ní ọmọ òun lóye gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ tó le hàn tí ọmọ náà ṣe, bí kò bá sì sí ní ẹ̀yà kankan, ọ̀rọ̀ parí.

Ọ̀nà láti rí ẹ̀rí náà kò ná owó púpọ̀. Ní 1971 ni Julian Stanley ní yunifásítì Johns Hopkins bẹ̀rẹ̀ ètò kan tó fi ìdánwò ìṣirò tí a ṣe fún àwọn tó fẹ́ wọ yunifásítì dán àwọn ọmọ ọdún 12 àti 13 wò, nítorí pé ìdánwò kíláàsì wọn ti rọrùn jù láti fi ìyàtọ̀ hàn láàárín àwọn tó gba gbogbo rẹ̀. Ohun kan náà ṣeé ṣe ní ilé ẹ̀kọ́ èyíkéyìí: kí a mú ìbéèrè ìṣirò tàbí ìwé kíkà ti kíláàsì kẹfà, kí a ka wọn fún ọmọ kíláàsì kẹrin náà, kí ó dáhùn lẹ́nu láìsí aago. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọsẹ̀ gan-an ni ibi tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ yẹ kí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Níbi tí èrò àtijọ́ ti ń ṣe ìpalára jù lọ ni ọ̀ràn ọmọ tó ti dákẹ́. Wọn a ní ó ya ọ̀lẹ, wọn a pa àwọn ohun mẹ́ta tó yàtọ̀ síra pọ̀ di ọ̀kan. Ọmọ tí ẹ̀kọ́ sú a máa jí pépé nígbà tí iṣẹ́ bá le, a sì máa kọ iṣẹ́ tó rọrùn. Ọmọ tí ẹ̀rù ń bà a máa ṣe òdìkejì: bí iṣẹ́ bá le, tàbí tí ó mọ̀ pé a ó ka àmì rẹ̀ sókè, yóò pa ìwé dé, ṣùgbọ́n yóò ṣe iṣẹ́ kan náà ní ìkọ̀kọ̀. Ìbẹ̀rù yìí wọ́pọ̀ lára ọmọ olóye, nítorí pé ọdún púpọ̀ lọ tí kò sí ohun tó le fún un, kò kọ́ bí a ti ń bá ìṣòro jà, nígbà tí ìṣòro àkọ́kọ́ sì dé, ó rí i gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé irọ́ ni gbogbo ìyìn tí a ti ń yìn ín. Ọmọ tí ìmọ̀ kan kò tíì yé ní tòótọ́ yóò kọsẹ̀ ní ipò gbogbo, níwájú ènìyàn àti ní ìkọ̀kọ̀, òun sì ni ó nílò kí a tún ẹ̀kọ́ náà kọ́.

Ohun kan wà pẹ̀lú tí kò ní í ṣe pẹ̀lú ọpọlọ rárá. Láti ìjà 2001 ní Jos títí dé èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Kuru Karama, tí kò jìnnà sí Vom, ní 2010, ọ̀pọ̀ ìdílé ní agbègbè náà ti rí ikú àti iná. Ọmọ tó dákẹ́ lójijì, tí kò sùn, tí kò jẹun, tí kò bá ẹnikẹ́ni ṣeré mọ́ fún ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn ni kí a kọ́kọ́ máa sọ lórí rẹ̀. Kí a bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ibi tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀, kí a sì mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, tí yóò lè tọ́ka rẹ̀ sí àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ yunifásítì Jos.

Ní ti ìrànlọ́wọ́, èrò tó gbòde ní ojútùú kan ṣoṣo, pé kí ọmọ fo kíláàsì. Ìwádìí tí yunifásítì Iowa kó jọ ní 2004 fi hàn pé fífo kíláàsì a máa ṣe àwọn ọmọ tí a fara balẹ̀ yàn láǹfààní, kò sì yẹ kí a máa bẹ̀rù rẹ̀ bí àwọn kan ti ń ṣe. Ṣùgbọ́n fún ọmọbìnrin tí a mú ṣe àpẹẹrẹ, kíláàsì karùn-ún túmọ̀ sí ìwé kíkọ tó pọ̀ sí i fún ọwọ́ tí kò lè kọ èyí tó wà nílẹ̀. Ohun tó bá àmì rẹ̀ mu ni kí ó máa lọ bá kíláàsì kẹfà ṣe ìṣirò nìkan, kí ó sì padà sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fún ìyókù. Nínú àwọn ẹ̀kọ́ yòókù, ìlànà tí Joseph Renzulli gbé kalẹ̀ ṣeé lò: kí a dán an wò kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí a yọ ohun tó ti mọ̀ kúrò, kí a sì fi iṣẹ́ tó jinlẹ̀ dípò rẹ̀, kì í ṣe kí a fi ogún ìbéèrè tó rọrùn kún mẹ́wàá tó ti ṣe, nítorí pé ìyà ni èyí jẹ́, ọmọ a sì tètè kọ́ láti má parí iṣẹ́ kíákíá. Ní ti ọwọ́ rẹ̀, kí a tẹ iṣẹ́ ojú pátákó fún un sórí ìwé, kí a fi àkókò kún àkókò ìdánwò rẹ̀, kí a gba ìdáhùn kan lẹ́nu rẹ̀, kí ó sì máa fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́ kọ́ ìkọ̀wé, láìgba àmì. Ní ti ẹ̀rù, kí a fún un ní iṣẹ́ tó le níwọ̀nba lójoojúmọ́, èyí tí òun àti olùkọ́ mọ̀ pé kò ní gba gbogbo rẹ̀, kí kíkọsẹ̀ lè di ohun tí ara rẹ̀ mọ́.

Gbogbo èyí kò ní wáyé níwọ̀n ìgbà tí ìwé èsì bá ṣì jẹ́ ipò kan àti ìpíndọ́gba kan. Kí àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní Vom àti níbi gbogbo yọ kíka ipò sókè níwájú àpéjọ kúrò, kí ìwé èsì sì sọ ohun tí ọmọ lè ṣe lẹ́nu, ohun tó lè ṣe ní kíkọ, kíláàsì tí iṣẹ́ rẹ̀ dé nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, àti èdè tí a fi mọ̀ ọ́n. Òbí tó bá gba ìwé bẹ́ẹ̀ yóò mọ ohun tó yẹ kí ó ṣe ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Òbí tó bá gba ipò kọkànlá kò lè ṣe ju kí ó bínú lọ. Ilé ẹ̀kọ́ tó mọ ipò ọmọ, tí kò sì mọ ibi tí ó ti kọsẹ̀, kò tíì mọ ọmọ náà rárá, kò sì ní ẹ̀tọ́ láti sọ bóyá ó lóye tàbí kò lóye.